Ẹ̀yin Tó Wà Lẹ́yìn, Ẹ Pẹ̀lẹ́

Ẹni tó bá gbé tábìlì oníkọ́lọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án sórí síláìdì, tó wá ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn ò lè kà á," ti jẹ́wọ́ kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ wo ìwádìí AQUAMAT ti ọdún 2010, tó fi abẹ́rẹ́ átísúnéètì wé kuiníìnì lára ọmọ 5,425 tí ibà líle ń bá jà ní Áfíríkà. Àkọlé "Àbájáde" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ odindi gbólóhùn dípò rẹ̀: "Átísúnéètì dín ikú àwọn ọmọ kù." Ọ̀pá méjì péré tó láti fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 10.9 ló kú lọ́dọ̀ kuiníìnì, 8.5 lọ́dọ̀ átísúnéètì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò ní a ti gé ìmọ̀ lẹ́sẹ̀. Rárá o. Pé oògùn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní ti àléébù ọpọlọ tó ṣẹ́kù sára àwọn tó yè, kókó mìíràn nìyẹn. Síláìdì tirẹ̀ ló tọ́ sí i. Bí àkọlé bá ń fi "àti" so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ pín in. Kí àwọn tábìlì yòókù sá pamọ́ sẹ́yìn síláìdì ìkẹyìn, kí wọ́n máa dúró de bàbá tí kò ní ìbéèrè, tó kàn fẹ́ fi kún un.