Èmi Kọ́ Ni Mo Jẹ Aṣọ Yín

Ẹ gbà mí o, ará ilé, ará oko! Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ṣe alága aṣọ ẹbí rí, ẹ̀yin tí wọ́n ti wò lójú àwòtúnwò nítorí àǹkárá, ẹ súnmọ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹbí fi ojú mi rí. Wọ́n ní mo jẹ aṣọ! Èmi! Mo wá di ikán!

Bùbá ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n ní kí n ra aṣọ rẹ̀, fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Bùbá nìkan o, torí pé kò sẹ́ni tí kò ní ṣòkòtò dúdú nílé. Ni Bùrọ̀dá wa kan, tí kò di tépù mú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bá tún ọ̀fun ṣe, ó ní yáàdì 16 ti tó, ó ní iye tí àwọn rà nígbà òkú Bàbá àgbà nìyẹn, ọkùnrin mẹ́wàá náà ni, ó sì tó wọn. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò lè tó." Háà! Bí ẹni pé mo bú ìyá wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà níṣojú gbogbo ayé, kí wọ́n má baà ní mo fi àlùpàyídà ṣe é. Ọkùnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 44, ẹ ó fi íǹṣì 10 kún un, torí pé bùbá kì í fún mọ́ra, ó di 54. Ẹ pín in sí méjì, iwájú 27, ẹ̀yìn 27. Ẹ fi íǹṣì kọ̀ọ̀kan kún un fún ojú rírán, ó di 28. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 32, ìṣẹ́tí àti ojú rírán sọ ọ́ di 35. Apá kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 20, ó gùn tó 22. Ó tán.

Aṣọ tí wọ́n rà nígbà òkú Bàbá, Átíkù ni. Átíkù fẹ̀ tó íǹṣì 58, òmíràn tó 60. Iwájú 28, ẹ̀yìn 28, méjèèjì jẹ́ 56, wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibùsùn gbà wọ́n. Íǹṣì 35 ni wọ́n gé fún ara, 22 fún apá méjèèjì, 57 lápapọ̀. Ènìyàn mẹ́wàá, íǹṣì 570, bẹ́ẹ̀ íǹṣì 36 ló wà nínú yáàdì kan, kò pé yáàdì 16. Bùrọ̀dá ò purọ́! Àmọ́ ṣé Átíkù ni wọ́n rán mi? Àǹkárá ni! Àǹkárá kì í sábà fẹ̀ ju íǹṣì 46 lọ, tí ẹ bá sì yọ etí tí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí, 45 ló kù. 28 àti 28 kò lè wọ inú 45, kódà kí ẹ gbààwẹ̀ sí i! Ẹ ó gé 35 fún iwájú, ẹ ó tún gé 35 fún ẹ̀yìn, ẹ ó gé 22 fún apá, ó di 92. Ènìyàn mẹ́wàá, yáàdì 25 àti ààbọ̀, ó tún lé díẹ̀. Èmi kọ́ ni mo hun ún, èmi kọ́ ni mo ní kó tẹ́ẹ́rẹ́!

Ẹ sì wá wo ìkà tó wà nínú ọ̀rọ̀ fífẹ̀ yìí. Bọ̀ọ̀dá oníkùn kan wà láàárín wa tí àyà rẹ̀ jẹ́ 52, iwájú bùbá rẹ̀ gba 32, gbogbo wọn sì rò pé òun ló ń jẹ aṣọ. Rárá o! 32 náà wọ inú 45, íǹṣì 35 yẹn náà ló gbà ní gígùn. Ọmọ kan tún wà, gbẹ́gẹ́ bí ìgbálẹ̀, àyà rẹ̀ kò ju 34 lọ, iwájú 23, ẹ̀yìn 23, mo ní Ọlọ́run ṣeun, ti ọmọ yìí á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 23 lọ́nà méjì jẹ́ 46! Aṣọ jẹ́ 45! Íǹṣì kan, ẹ̀yin èèyàn mi, íǹṣì kan ṣoṣo ni ayé fi dá mi lóró, tí ọmọ tí kò lẹ́ran lára fi jẹ iwájú àti ẹ̀yìn gígùn kan náà pẹ̀lú oníkùn!

Ó yẹ kí wàhálà mi tán síbẹ̀. Kò tán, torí Àǹtí àgbà ló yan aṣọ. Ní Gbàgì, ní Ìbàdàn, níbi tí àǹkárá oníkóró wẹ́wẹ́ kún ilẹ̀ bẹẹrẹ, tí ènìyàn lè gé e bó ṣe wù ú, ẹyẹ ni Àǹtí rí. Ẹyẹ ràgàjì, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀! Wọ́n ní ẹyẹ gbọ́dọ̀ jókòó sí àyà olúkúlùkù, ibì kan náà, torí fọ́tò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: láti orí ẹyẹ kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 24. Tí mo bá gé 35 fún iwájú, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ní 35 yẹn, ọrùn ẹyẹ ni máa gé. Mo gbọ́dọ̀ sún un dé ibi tí ẹyẹ ti tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 48. Iwájú jẹ ẹyẹ méjì, ẹ̀yìn jẹ ẹyẹ méjì, apá tí kò ju 22 lọ jẹ ẹyẹ kan odidi. Ẹyẹ márùn-ún fún ènìyàn kan, íǹṣì 120, níbi tí 92 ti tó! Ká ní íǹṣì 12 ni àwòrán yẹn fi ń padà wá ni, 36 àti 36 àti 24 ni, 96 péré, ìyàtọ̀ íǹṣì mẹ́rin. Àmọ́ Àǹtí fẹ́ ẹyẹ. Ẹyẹ ló jẹ yáàdì wa kúrò ní 25 dé 33, ó lé!

Bùrọ̀dá yẹn tún dé, ó ní kí wọ́n kúkú gé apá nínú ọ̀já tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn. 28 nínú 45, ọ̀já 17 ló kù, apá sì gba 20. Kódà tí wọ́n bá yí i níbùú, kí gbogbo ẹyẹ tó wà lápá dùbúlẹ̀ bí òkú, 22 ni yóò máa wá àyè nínú 17. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti yín ni ká fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Wọ́n dákẹ́. Apá ọmọ gbẹ́gẹ́ nìkan ló rí ibi sùn, torí pé ọ̀já tirẹ̀ fẹ̀ tó 22.

Omi wá ńkọ́? Òwú ni àǹkárá, òwú a sì máa súnkì. Wọ́n ti fa okùn rẹ̀ le nígbà tí wọ́n ń hun ún, wọ́n tún fà á nígbà tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí i, tó bá wá bọ́ sínú omi gbígbóná, á kó ara rẹ̀ jọ padà. Ìdí nìyẹn tí gígùn fi ń súnkì ju fífẹ̀ lọ. Mo ní kí a kọ́kọ́ ra ìdì kan. Mo fi bírò ya íǹṣì 20 sí ìparí rẹ̀, gígùn àti fífẹ̀, mo fọ̀ ọ́ bí ìyàwó wọn ṣe máa fọ̀ ọ́, omi gbígbóná, ọṣẹ, oòrùn, áyọ́ọ̀nù. Gígùn di 19. Fífẹ̀ kò dín tó ìdajì íǹṣì. Wọ́n ní kí ni mo ń fọ aṣọ tuntun fún, pé mo ti bọ́ ìdán rẹ̀! Sítáàṣì ni ìdán yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, á lọ bópẹ́ bóyá! Tí a bá rán an láìfọ̀, bùbá 32 á di 30 àti díẹ̀ lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́, ikùn Bọ̀ọ̀dá á yọjú wo àwọn àlejò, sítéè tí télọ̀ lẹ̀ mọ́ ọrùn kò ní súnkì ní tirẹ̀, ọrùn á kákò, wọ́n á sì ní télọ̀ mi ò mọṣẹ́!

Ẹyẹ pàápàá súnkì. 24 di 23 ó dín díẹ̀, apá tó gba 22 ṣì wọ̀ ọ́ tipátipá. Ká ní íǹṣì méjì ló lọ nínú 20 yẹn ni, ẹyẹ ò ní tó 22, olúkúlùkù ì bá tún jẹ ẹyẹ kan sí i nítorí apá nìkan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣọ. Ni mo bá rẹ gbogbo rẹ̀ sómi kí a tó gé e, mo sá a sórí okùn tèmi àti okùn aládùúgbò, títí wọ́n fi ń bi mí léèlò ni yáàdì kan.

Báyìí, ẹ gbọ́ èyí tó fẹ́ pa mí. Ìdì ni wọ́n ń ta àǹkárá, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà. Íǹṣì 216, ẹyẹ mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́. Ẹyẹ 50 la nílò, ìdì mẹ́fà jẹ́ ẹyẹ 54, ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò á ní ó tó. Ó tó níbo? Ẹni tó gé ìdì nílé iṣẹ́ kò wo ẹyẹ! Ìdì kan bẹ̀rẹ̀ láti ìrù, òmíràn láti àárín ikùn, ìlàjì ẹyẹ ló ń kú lókè, ìlàjì ló ń kú nísàlẹ̀, odidi ẹyẹ mẹ́jọ ló kù nínú ìdì kan. Mẹ́jọ yẹn jẹ́ iwájú méjì àti ẹ̀yìn méjì. Ìdì márùn-ún parí ara ènìyàn mẹ́wàá, kò sí apá kankan nínú rẹ̀. Ìdì kẹfà mú apá ènìyàn mẹ́jọ jáde. Ti ọmọ gbẹ́gẹ́ ti wà. Mẹ́sàn-án nìyẹn! Ènìyàn kan ṣoṣo ló kù tí kò ní apá, ni mo bá ra ìdì keje, yáàdì mẹ́fà odidi, nítorí apá méjì ènìyàn kan! Mo sì tètè rà á lọ́wọ́ ẹni tó ta èyí tó kù fún mi, kó tó tán lọ́jà, torí àwọ̀ ìdì tó bá dé lẹ́yìn lè yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n á sì ní mo fi ayédèrú rọ́pò.

Ẹ mọ ẹni tó ni apá náà? Bùrọ̀dá oníyáàdì 16 ni! Òun náà ló dìde nípàdé, tó na ọwọ́ sí mi nínú apá tí mo torí rẹ̀ ra ìdì keje, tó ní, "Yáàdì 42! Níbo ni yáàdì 26 lọ?"

Ó lọ sínú àpò ìrẹsì kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyẹ aláìlórí, ẹyẹ aláìnírù, àti èyí tó kù nínú ìdì keje, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò fi ṣe fìlà, mi ò fi ṣe ìnusẹ̀. Ẹni tó bá ní mo jẹ aṣọ, kó wá tú àpò náà, kó mú télọ̀ tirẹ̀ dání. Tó bá rí bùbá méjì yọ níbẹ̀ tí ẹyẹ wọn dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, èmi ni máa sanwó iṣẹ́ wọn. Kó tètè wá ṣá, torí Àǹtí àgbà ti ní ti obìnrin ló kù báyìí, wọ́n sì ti rí àǹkárá kan tó ní ẹṣin lára.