Ìyáàfin Ẹ-ṣáà-sọ-ọ́-di-púpọ̀

Kò sí alásè kan ní Abuja tí kò mọ obìnrin yìí. Ó lè máa gbé Gwarinpa, ó sì lè máa gbé Lugbe. Ìgbàkígbà tí ẹ bá pè é, inú ìpàdé ló wà. Bí òde rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan, yóò da ìlànà sísè jọlọ́ọ̀fù tó rí lórí fóònù sórí Wáàsáàpù alásè: ìrẹsì ife 3, omi ẹran ife 3, tàtàṣé 4, ata rodo 2, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí pé: "Mọ́mì, ẹ bá mi sọ ọ́ di púpọ̀."

Kò sọ iye ẹni tí ìlànà yẹn wà fún, kò sì sọ iye ẹni tó ń bọ̀.

Alásè tó mọṣẹ́ lè fúnra rẹ̀ tú ti àkọ́kọ́. Nǹkan bí ààbọ̀ ife ìrẹsì tí a kò tíì sè ló máa ń tó ẹnì kan, nítorí náà ti ẹni 6 ni ife 3. Ti èkejì ni kò ṣeé tú. Bí àlejò bá jẹ́ 60, ìrẹsì bíi kílò 6 ti tó. Bí wọ́n bá jẹ́ 300, kílò 30 ni, ó ti lé ní ààbọ̀ àpò ńlá. Púpọ̀ ni méjèèjì.

Alásè pè é. "Màdáámù, ẹni mélòó la fẹ́ sè fún, mà?"

"Háà, Mọ́mì! A kì í ka àlejò. Ẹni tí Ọlọ́run bá mú wá la ó fún lóúnjẹ."

Obìnrin tí kì í ka àlejò yìí mọ iye aṣọ ẹbí tó tà, ó sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò tíì san owó gèlè.

Nígbà tí òde ku ọ̀la, ó ní ẹni 60 ni, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ohun gbogbo di ìlọ́po 10. Ìrẹsì àti tàtàṣé gbà bẹ́ẹ̀, omi kò gbà. Omi tí ooru ń gbé lọ nínú ìkòkò ńlá jíjìn kò tó ìlọ́po 10 ti kékeré; bí a bá da ife 30 sí i lẹ́ẹ̀kan náà, jọlọ́ọ̀fù yóò di túwó. Díẹ̀díẹ̀ ni alásè ń bu omi sí i. Iyọ̀ náà, yóò dín in kù, yóò tọ́ ọ wò, kó tó fi kún un. Ìkòkò méjì ló sì ń pín in sí, kí ìsàlẹ̀ má baà jó nígbà tí òkè ṣì le.

Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa sọ fún un: kó ka aṣọ ẹbí tó tà, kó ro ti àwọn mo-gbọ́-mo-yà mọ́ ọn, kó sì fi iye yẹn ránṣẹ́ kó tó fi ìlànà kankan ránṣẹ́.