Ọmọ Tó Ṣípá, Ta Ló Bí I?

Màámi àtàtà,

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Ẹ̀yin gan-an lẹ fi òwe yìí tọ́ wa, pàápàá tí ẹnì kan nínú wa bá fajúro tí kò sọ ohun tó ń ṣe é. Mi ò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pa á, ìyá máa ń rí ojú ọmọ kó tó nawọ́ sí i. Ó mọ imú rẹ̀, ó sì mọ àpá tó wà lórúnkún rẹ̀. Láyé ìsinsìnyí, inú fóònù ni ọmọ ti ń ṣípá. Ìyá ò rí ojú, kò rí orúnkún, síbẹ̀ ó ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e pọ̀n.

Ẹ ní kí Rísí ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kí ẹ wá fi í sínú Bíbélì, níbi tí ẹ ń kó risíìtì owó iná sí.

Mo ti ro ìpè ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn dáadáa, bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọkùnrin náà ní, “Mọ̀ọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ mọ ohùn mi mọ́?” Ẹ ní, “Ta nìyẹn? Ṣé Délé ni?” Ó ní, “Àbí ta ni!” Màámi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti parí. Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ pé ẹ bí ẹnì kan tó ń jẹ́ Délé. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, láìsí obì, láìsí oyin, láìpe àlejò kankan. Àwọn gbájúẹ̀ yìí kì í sábà mọ nǹkan kan nípa ẹni tí wọ́n ń pè. Nọ́ńbà lórí nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀, títí wọ́n á fi kan ìyá tó máa fún wọn lórúkọ.

Ó tún béèrè bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń ṣe, ó kí Bàbá, ó kí àwọn ará ilé. Ó yẹ kí ẹ ti fura níbẹ̀. Délé wo ló ń kí èèyàn tó báyẹn?

Lẹ́yìn ìkíni ló wá ní mọ́tò gbókìtì pẹ̀lú òun ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, pé fóònù òun ti fọ́, ti dókítà lòun fi ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí fóònù tó fọ́ yẹn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo irọ́ náà dúró lé. Òun ló jẹ́ kí nọ́ńbà àjèjì má ṣe yín ní kàyéfì. Òun náà ló sì dí ọ̀nà tí ẹ ì bá fi wádìí, torí tí wọ́n bá ti ní fóònù Délé fọ́, kí lẹ tún fẹ́ máa pè é fún? Bẹ́ẹ̀ fóònù Délé wà lórí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ń gba iná lọ́wọ́.

Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dókítà wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ẹ san ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́rin náírà kí aago méjìlá tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí ẹ má sọ fún Bàbá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àánú wo nìyẹn! Dókítà tòótọ́ á fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí wá kíákíá, torí ó nílò ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé, bóyá ẹni tó máa fún aláìsàn lẹ́jẹ̀ pàápàá. Ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó lè já irọ́ rẹ̀ ló ń sá fún.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi gbà á gbọ́. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ní kí ilé ìwòsàn má kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni lọ́nàkọnà. Síbẹ̀ ta ni nínú wa tí kò tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù tí wọ́n ti ń béèrè owó kí wọ́n tó wo ojú aláìsàn? Àárín ohun tí òfin wí àti ohun tí à ń ṣe ni gbájúẹ̀ kọ́lé sí. Àwa ọmọ náà sì bá a gbé bíríkì: nọ́ńbà tuntun la fi ń pe òbí, pẹ̀lú ìkánjú, owó la sì ń béèrè. Tí olè bá ṣe bíi tiwa, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Ẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ pí-ó-ẹ̀sì. Ó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fún yín, nọ́ńbà mẹ́wàá, ó sì yan báńkì, ni orúkọ obìnrin kan bá jáde. Bó ṣe rí nìyẹn nílẹ̀ wa: orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa ń jáde kí owó tó kúrò. Ọmọ náà bi yín bóyá ẹ mọ obìnrin yìí. Ẹ ní ó lè jẹ́ ìyàwó dókítà. Màámi! Ọsibítù tó ń gbowó sápò ìyàwó dókítà, ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọmọ yín níbẹ̀? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ló gbà yín lọ́jọ́ náà, èyí tí gbogbo wa máa ń ṣépè fún. Ẹ má sì rò pé orúkọ tó bá bára mu ti tó ẹ̀rí. Wọ́n lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ ṣí àkáǹtì, wọ́n sì lè yá ti ẹlòmíràn lò. Orúkọ tí kò bára mu yẹ kó dá yín dúró. Èyí tó bára mu kò tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ sanwó.

Tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá tún wọlé, ẹ má dárúkọ ọmọ kankan. Ẹ ní, “Ta ni?” kí ẹ sì dákẹ́. Tó bá fèsì pé ọmọ yín àgbà ni, ẹ ní kó dárúkọ ara rẹ̀. Tó bá wá dárúkọ náà, torí wọ́n lè rí i lórí Fesibúùkù, ẹ bi í bóyá ó ti fún Kẹ́hìndé lówó tí ẹ ní kó fún un. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a ò bí ìbejì nílé wa. Ẹnu á ya ọmọ yín, á ní, “Kẹ́hìndé wo?” Gbájúẹ̀ á ní òun ti fún un.

Ohun yòówù kó sọ, ẹ pa fóònù náà. Ẹ má tẹ nọ́ńbà tó fi pè yín padà. Nọ́ńbà Délé tí ẹ ti ní látọjọ́ pípẹ́ wá ni kí ẹ pè. Tí kò bá lọ, ẹ pe ìyàwó rẹ̀, ẹ pe èmi. Tí wọ́n bá dárúkọ ọsibítù, Àǹtí Bísí wà ní Ìbàdàn, á gun ọ̀kadà débẹ̀, á sì fojú ara rẹ̀ wò ó. Orúkọ tó hàn lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí, kódà bó jẹ́ orúkọ báńkì. Báńkì ò sì ní pè yín láti béèrè píìnì tàbí nọ́ńbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Tí owó bá ti lọ pẹ́nrẹ́n, ẹ má jókòó sunkún. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ní kí báńkì yín sọ fún báńkì tó gba owó náà pé kí wọ́n dì í mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí báńkì fúnra yín, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ó lè bọ́ sí i, ó lè má bọ́ sí i, torí wọ́n kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó gba owó náà jáde.

Délé ní kí n kí yín, òun máa pè yín lálẹ́ Sátidé. Ẹ bi í nípa owó Kẹ́hìndé.

Ọmọ yín,
Bọ́lá