Bọ̀dá Àkókò-Ò-Tíì-Tó

Bọ̀dá Àkókò-Ò-Tíì-Tó kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń sanwó kẹ̀kẹ́, ó ń ra káàdì sórí fóònù sístá, ó sì ń jẹ ọbẹ̀ ilá rẹ̀ débi pé ó ń lá àwo. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn ní Danmagaji, ní Sáríà. Látìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì fi sístá hàn: ìyá Hausa tó ń din máásà lẹ́bàá títì. Ìyá náà ló sì béèrè.

Ẹ wò wọ́n nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn méjèèjì dúró ti ìdí iná, wọ́n ń retí máásà gbígbóná. Ará ìlú bọ̀dá kan tó ń kọjá lórí ọ̀kadà rí i, ó tẹ bíréèkì. Kí ọ̀kadà tó dúró, bọ̀dá ti dé ìdí tòmátì lódìkejì, ó ti ń ná an, ọkùnrin tí kò ná tòmátì rí láyé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ jọ dúró yẹn?"

"Èwo? Áà, ìyẹn? Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ni."

Sístá ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Bọ̀dá fúnra rẹ̀, mọ́ṣáláṣí ló ti ń bọ̀.

Tí sístá bá ní kí wọ́n lọ kí màmá bọ̀dá ní Ògbómọ̀ṣọ́, bọ̀dá á ní ọ̀nà ò dára, ajínigbé pọ̀. Kò purọ́. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá bọ̀ ní Kàdúná pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Iléyá tó kọjá, bọ̀dá gba ojú ọ̀nà yìí kan náà lọ sílé, ó jẹran, ó sì padà wá láyọ̀. Ká tiẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń tajà ní Sábóńgárì níbí, kẹ̀kẹ́ lásán ń gbéni débẹ̀. Ajínigbé wo ló wà láàárín Danmagaji àti Sábóńgárì? Ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jìnnà kọ́ ló ń fi obìnrin pamọ́ fún. Ẹni tó wà nítòsí ni.

Tí sístá bá tẹnu mọ́ ọn, bọ̀dá á di onímọ̀ àṣà. "Nínú àṣà tiwa, a kì í déédéé mú obìnrin wọlé." Ìdajì òótọ́ ló sọ. Ìfojúsóde àwọn bàbá wa kì í pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n alárinà ló tẹ̀ lé e, ẹni tí tọ̀tún tòsì mọ̀, tó ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà á ṣe ìwádìí ìdílé, ọmọbìnrin á ṣíhùn, ìtọrọ àti ìdána á tẹ̀ lé e. Bí ọkùnrin bá sẹ́ lọ́la, alárinà wà níbẹ̀ tó lè sọ pé ojú òun ló ṣe. Ẹnu kẹta yìí ni bọ̀dá yọ kúrò, tó wá ń pe ìyókù ní àṣà. Àwọn Hausa tó yí i ká ò tiẹ̀ fara pamọ́: lẹ́nu àbáwọlé ilé ni ọkùnrin ti ń wá bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, tí ìyá wà nínú ilé, tí àwọn àbúrò ń kọjá.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò tíì múni délé ni bọ̀dá yìí ṣá o. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń bá jà nítorí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà á sọ ìjà náà fún ọ bó ṣe rí, ó kéré tán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan á sì mọ̀ ọ́. Ní ti bọ̀dá, àyè ń ṣí, ó ń pa dé. Ó ní kí ara màmá kọ́kọ́ yá. Ara màmá yá. Ó ní kí àbúrò òun kọ́kọ́ gbéyàwó; àbúrò ti sọmọ kejì lórúkọ, orí sítátọ́ọ̀sì ni sístá ti rí ìkómọ náà. Ní báyìí, ó ní kí òun kọ́kọ́ parí ilé.

Sístá, fi ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n tó wà ní Sábóńgárì ni kó o béèrè. Sọ fún bọ̀dá pé bí kẹ̀kẹ́ bá dà á nù lọ́la, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá Yunifásítì Ahmadu Bello ní Ṣíkà, o ò mọ ẹni tó o máa pè. Bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n á máa bi ọ́ pé ta ni ọ́ sí i. Bó bá fún ọ ní nọ́ńbà náà, pè é níṣojú rẹ̀. Bó bá ní bátìrì òun ti fẹ́ kú, ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn.