Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Oníbodè Ọ̀yọ́-Ilé

Bàbá Oníbodè,

Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú lára ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò wá bẹ̀ yín kí ẹ dín owó ibodè kù. Àwọn èèyàn wa ló ń pariwo kiri pé òyìnbó ló kó owó orí wá, pé àwọn baba ńlá wa kò san kọ́bọ̀ fún ìjọba kankan rí. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí, ẹ̀rín á sì pa mí.

Alágbára ni yín, Bàbá. Ẹni tó ń gba owó orí lónìí gbọ́dọ̀ mọ iye tó wọlé fún èèyàn lọ́dún, ta ló sì ń sọ òótọ́ fún un? Ẹni tó bá fẹ́ gba ìdámẹ́wàá irè oko náà gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà nínú gbogbo àká. Ẹ̀yin kò yọ ara yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Odi yí ìlú ká, ẹnubodè ni èrò ń gbà wọlé, orí ni wọ́n sì fi ń ru ọjà. Oníṣòwò lè fi èrè rẹ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ẹrù tó wà lórí rẹ̀ pa mọ́ fún yín? Àfi ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, tí ẹkùn àti gbọ́mọgbọ́mọ sì lè pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Owó ẹyọ tí ẹ ń gbà gan-an ló ń dá mi lẹ́rìn-ín. Owó ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ó sì wúwo ju kílò 20 lọ. Ẹrù alágbára kan nìyẹn. Bí ọ̀kẹ́ 10 bá wọlé láti ìlú tó jìnnà, alárù mẹ́wàá ló rù ú, gbogbo wọn ló sì ń jẹun lọ́nà. Kí Aláàfin tó rí owó náà, ọ̀nà ti jẹ nínú rẹ̀.

Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó fi jẹ́ pé kì í ṣe owó nìkan ni ìsìn. Àwọn ọba abẹ́ Ọ̀yọ́ a máa fi koríko bẹrẹ ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti fi bo òrùlé ààfin. Koríko lásán! Ṣùgbọ́n ẹni tí koríko rẹ̀ kò bá dé, gbogbo ayé mọ̀ pé ó ti ń gbé orí sókè. Ti Dàhòmì kì í ṣe koríko ní tirẹ̀: ìtàn wọn sọ pé 41 ni wọ́n ń ka ọkùnrin, 41 obìnrin, 41 ìbọn, lọ́dọọdún ní Kánà, títí Ọba Gẹ́zò fi kọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1825.

Ní ààfin Ọ̀yọ́, Ọ̀sì Ìwẹ̀fà ló ń mójú tó owó tó ń wọlé. Àwọn Ìlàrí tí wọ́n fá ìlàjì orí wọn ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ ọba káàkiri. Àwọn yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bá wí, Bàbá. Ẹ̀yin ń dúró lójú kan, èrò ló ń wá bá yín, tí ìnira bá sì pọ̀ jù, èrò á yà. Ìlàrí ní tiwọn ń gbé inú ìlú àwọn ará Ẹ̀gbá, wọ́n ń gba ohun tó wù wọ́n, ará ìlú kò sì ní ọ̀nà kankan tó lè yà sí. Ta ló ń ka ohun tó wà lọ́wọ́ Ìlàrí kó tó dé ààfin?

Líṣàbí ará Ẹ̀gbá ló dáhùn. Àáró ló fi bojú, àwọn àgbẹ̀ tó ń bá ara wọn ro oko ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, kò sì sẹ́ni tó fura sí ọkọ́ àti àdá. Ìgbà tó yá, ẹgbẹ́ àáró di ẹgbẹ́ ogun. Samuel Johnson kọ ọ́ pé Líṣàbí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa Ìlàrí kan ní Ìgbẹ́ìn, tí àwọn ìlú yòókù sì gbọ́, tí Ìlàrí tó kú lọ́jọ́ kan náà fi lé ní 600. Ọ̀yọ́ kó ogun wá, ogun náà kò rí Ẹ̀gbá mú padà sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò sọ pé ẹ ò gba owó ẹ̀yìn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ó kó ẹnubodè kúrò, tí ó sì fi owó orí àti orúkọ èèyàn nínú ìwé rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1918, àwọn ọmọ Líṣàbí kan náà tú ojú irin rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ogun Adùbí sì bẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́run, bóyá wọn ì bá tilẹ̀ fẹ́ padà sí sísan owó ibodè.

Ọmọ yín tó ń kọjá láìru ẹrù.