Ẹ Wá Gbọ́: Ẹni Tó Sọ Mẹ́tàdínlógójì Di 43

Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kì í dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ìwà bá ti bàjẹ́ tó báyìí, bí mo bá dákẹ́, inú mi á wú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ má sì sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ.

Ògbufọ̀ kan wà ní àdúgbò wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àbúrò mi ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ra aṣọ. Agbádá ọkùnrin yìí a máa gbálẹ̀, awò ojú rẹ̀ kì í kúrò ní góńgó imú, bó bá sì la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ilé ìwé á dúró máa wò ó. Òun náà ni wọ́n gbé ìwé àdéhùn ilẹ̀ bàbá àgbàlagbà kan fún, pé kó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí lọ́yà lè rí nǹkan kà. Bàbá sọ nínú ìwé náà pé igi obì mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí ilẹ̀. Ọ̀gá wa mú bírò, ó kọ 43. Ẹ gbà mí o!

Ohun tójú rẹ̀ rí ni ẹ̀ta, ó tún rí ogójì, ó wá pa wọ́n pọ̀. "Dín" tó jókòó sáàárín wọn bí ìyàwó àgbà kò tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń rán lọ ra ata mọ̀ pé "dín" ní kí á yọ ẹ̀ta kúrò nínú 40, kó ku 37, àti pé "lé" ló ní kí á fi kún un, kó di mẹ́tàlélógójì. Àwọn tó ra ilẹ̀ dé oko, wọ́n ka igi, wọ́n bá 37. Ariwo ta. Ta ló gé igi mẹ́fà? Kùkùté wọn dà? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọlọ́pàá mú ọmọ bàbá nítorí igi obì tí ẹnikẹ́ni kò gbìn láyé yìí.

Mo bi olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì nípa rẹ̀. Ó kọ́kọ́ mi orí, ó pòṣé, ó wá ní ẹni tó bá ṣi "dín" mú fún "lé" kì í lè fara pamọ́, torí pé ohun tó fi ṣìnà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́ńbà kékeré tó wà níwájú. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, yóò fi 2 ṣìnà. Bó bá jẹ́ èjì, 4. Bó bá jẹ́ ẹ̀ta, 6. Bó bá jẹ́ ẹ̀rin, 8. Bó bá jẹ́ àrún, 10. Kò kọjá ibẹ̀, nítorí pé orí ẹ̀rin ni "lé" ti ń dúró. Láti orí àrún ni Yorùbá ti ń wo ogún tàbí ẹ̀wá tó ń bọ̀ níwájú, tí wọ́n sì ń yọ kúrò lára rẹ̀: 35 ni àrùndínlógójì. Nítorí náà, bí ìwé Yorùbá àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá fi mẹ́fà ta kora wọn, ẹ má tíì pe ọlọ́pàá. Ògbufọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.

Igi obì kọ́ ló dùn mí jù. Owó ilẹ̀ ni. Bàbá sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata náírà lòun gbà. Ọkùnrin yìí kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àpò mẹ́jọ àti 6,000 náírà. Lọ́yà náà, ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òkèèrè, béèrè pé àpò kí ni. Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni, àbí ti gaàrí?

Lóòótọ́, àpò ni ọ̀kẹ́ láyé ìgbà tí a ń ná owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá ló sì kún ọ̀kẹ́ kan. Ẹyọ ti lọ, àpò ti lọ, nọ́ńbà rẹ̀ ló kù: 20,000. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ á wá jẹ́ 160,000. Ẹgbàata ni ẹgbàá mẹ́ta, ìyẹn 6,000, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata ni bàbá sọ, "ẹ̀ẹ́d" tó wà níwájú yẹn ti gé 1,000 kúrò, ó ku 5,000. Gbogbo owó náà jẹ́ 165,000. Ẹ wá wo bí ó ṣe fi 1,000 náírà olówó ṣòfò nítorí pé ó gbójú fo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo!

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbójú fo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kì í dá ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Nínú àádọ́ta, 10 ló gé kúrò lára ọgọ́ta. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 100 ló gé kúrò lára ẹgbẹ̀ta, kó di 500. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata, 1,000. Bí àṣìṣe bá jẹ́ 10 géérégé, tàbí 100 géérégé, tàbí 1,000, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti wá a.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀bi bo èdè Yorùbá lára, pé ìṣirò rẹ̀ ló le. Kí ló dé tí kò le fún Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́? Wọ́n parí Bíbélì Yorùbá ní 1884, iye ènìyàn sì pọ̀ nínú Bíbélì bí eéṣú. Ẹ mú 603,550, iye àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì tí wọ́n kà nínú Ìwé Nọ́ńbà. Ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 600,000. Ó lé ẹgbèjìdínlógún, ìyẹn igba lọ́nà 18, tí í ṣe 3,600. Ó dín àádọ́ta. Ẹ yọ 50 kúrò nínú 3,600, ó ku 3,550, gbogbo rẹ̀ sì pé láìku ẹyọ kan.

Mo gbé èyí fún ọmọ kan tó ń fi ìwé ẹ̀rí yunifásítì yangàn. Ó wo ẹgbèjìdínlógún títí, ó ní 218 ni. Páà! Igba àti 18, ó rò wọ́n pọ̀. Ta ló sọ fún un pé kó rò wọ́n pọ̀? Níbi tí nọ́ńbà méjì bá lẹ̀ mọ́ra láìsí "lé", láìsí "dín" láàárín wọn, ìsọdipúpọ̀ ni. "Dín" tó wà nínú ẹgbèjìdínlógún, inú 18 ló ń gbé, kò kan igba tó wà níwájú. Ogún mẹ́ta náà ló di ọgọ́ta. Ta ló pe ọgọ́ta ní 23 rí? Ọmọ yìí kan náà ló túmọ̀ àádọ́ta ọ̀kẹ́ sí 50,000, tó jẹ́ pé mílíọ̀nù kan gbáko ni. Mo wo ìyá rẹ̀, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ dúró ná, mi ò tíì dé ibi ọjọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan máa ń ṣe ìpàdé ní ìtàdógún. Wọ́n ní kí wọ́n bá wọn túmọ̀ ìwé òfin ẹgbẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ògbufọ̀ (ẹ má bi mí bóyá ẹni kan náà ni) kọ ọ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ 17, ọjọ́ 17 ni ìpàdé. Yorùbá kì í fo ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń ka ọjọ́. Òní jẹ́ ọ̀kan. Bí ìpàdé bá wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni òmíràn, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ 16. Àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń retí ọjọ́ kejìdínlógún. Nígbà tí ìpàdé tó tẹ̀lé e bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹrin ni àwọn tọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fóònù. Wọ́n wá bu owó ìtanràn lé wọn lórí!

Bẹ́ẹ̀ ni ọjà ọrún rí: bí wọ́n bá ná an ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an, ọjọ́ mẹ́rin péré ni Gẹ̀ẹ́sì yóò kà. Ṣé wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ nílé wọn ni? Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e là ń kó o jáde, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ rí kò gbọdọ̀ ṣi èyí kà.

Èyí tó tiẹ̀ bà mí lẹ́rù ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣàlàyé fún ọlọ́pàá pé ìjẹrin lòun kúrò ní Ìbàdàn. Akọ̀wé rí ẹ̀rin nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Òní, àná, ìjẹta, ìjẹrin: ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó wà lápò ọmọ náà ń sọ òótọ́, ìwé ọlọ́pàá ń pa irọ́, ọmọ olọ́mọ ló wá di òpùrọ́.

Ìwé ìpíngún ni màá fi pa ẹnu dé. Bàbá kan ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ òun márààrún ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá náírà. Ọ̀gá alágbádá wa kọ ọ́ pé kí wọ́n fún àwọn ọmọ márààrún ní 10,000 náírà. "Mẹ́wàá" kejì ńkọ́? Ó rò pé bàbá ń kólòlò ni! Bàbá tún un pè láti fi hàn pé olúkúlùkù ni yóò gba 10,000, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50,000. Ní báyìí àwọn ọmọ ìyá kan kì í kí ara wọn mọ́, torí pé àkọ́bí mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, àbíkẹ́yìn sì gbọ́ ohun tí bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ẹ ó sì máa rò pé ìṣirò ni kò yé ọkùnrin yìí. Háà! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajọ náírà ló ní òun ó gbà fún iṣẹ́ náà. Àbíkẹ́yìn kó 14,000 wá. Ọ̀gá wa kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú, ó ní ẹgbàajọ ni 16,000, bí a bá gé 1,000 kúrò, 15,000 ló kù, pé kí wọ́n lọ mú ìyókù wá.