Ṣé Nẹ́pà Náà Ló Yí Bọ́tìnnì?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní sítúdíò nílùú Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀gá Sáúńdì. Ó wọlé tọ̀ mí wá lálẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí ewúrẹ́ jẹ iṣu rẹ̀ mọ́ ìdí, ó na fóònù sí mi: “Bá mi wo ímeèlì yìí kí n tó fi í ránṣẹ́. Gírámà inú rẹ̀ ni kó o yẹ̀ wò.”

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Gírámà kò ṣe nǹkan kan. Irọ́ inú rẹ̀ ló sanra jù.

Obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ló ni iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ máa pé ọgọ́rin ọdún ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, ó sì sanwó kí wọ́n gba oríkì ìdílé wọn sílẹ̀: ìyá àgbà kan tó ń sun rárà, pẹ̀lú onídùndún mẹ́rin. Sátidé ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ni wọ́n pàdé. Wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú kì, wọ́n lù, wọ́n làágùn, oníkálukú gba owó ọkọ̀ lọ sílé. Ìgbà tí Ọ̀gá Sáúńdì wá jókòó láti gbọ́ ohun tó gbà ni orí rẹ̀ tó fẹ́ gbóná. Ohun tó wá kọ sí oníṣẹ́ nìyí:

“Àǹtí wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú òyìnbó. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn la fi ń sọ fún yín pé nítorí àwọn ìṣòro kan tó kọjá agbára wa, èyí tó jẹ mọ́ iná, ẹ̀rọ, ojú ọjọ́ àti bí ìlú ṣe rí, ohun tí a gbà kò jáde bó ṣe yẹ. Ẹ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wa láìpẹ́.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ojú ọjọ́ wo? Òjò ló rọ̀ sínú wáyà ni?” Ó dákẹ́. Mo ní, “Bí ìlú ṣe rí ńkọ́? Gómìnà ló wá jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ?” Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Iná tó ń bú mọ́ gan-an, inúfátà rẹ̀ ló lò lọ́jọ́ náà láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Kò sí ibi tí Nẹ́pà ti pàdé iṣẹ́ náà rárá. Wọ́n kàn ń pe ẹjọ́ mọ́ Nẹ́pà ni, ẹni tí kò sí nílé. Ní ti “láìpẹ́” yẹn, télọ̀ mi mọ̀ ọ́n lò jù ú lọ. Ó ti ń sọ ọ́ fún mi láti Iléyá tó kọjá.

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí sítúdíò kí n fojú ara mi rí ohun tó kọjá agbára rẹ̀.

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ohùn lójú irú ẹ̀rọ yẹn rí mọ̀ pé bí ìlù ṣe ń dún ló ṣe ń ta ṣóńṣó sókè: èyí ga, èyí kúrú, bí orí ọ̀pẹ nínú oko. Ti ìyáàlù tó wà níwájú wa yìí kò ní ṣóńṣó kankan. Gbogbo orí rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, bí irun tí onígbàjámọ̀ fi rúlà gé. Ó tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́. Níbi tó yẹ kí awọ ti fọhùn, “kráà, kráà” là ń gbọ́, bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú sínú máìkì. Onílù ń ki baba ńlá wọn lọ, gúgúrú ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lágbára rárá. Kí máìkì tó wọ kọ̀ǹpútà, ó ń gba inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń pè ní gèènì, òun ló ń sọ bí ohùn ṣe máa le tó kó tó wọlé. Nínú kọ̀ǹpútà, 0 ni àjà ilé. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ohùn ń gbé, -6, -12, -18, bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Òkè 0 kò sí yàrá. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ á gé e lórí, ohun tó gé yẹn kò sì kọ ọ́ síbikíbi.

Nígbà àyẹ̀wò, Ọ̀gá Sáúńdì sọ fún oníyáàlù pé kó lu díẹ̀ kóun gbọ́. Ẹni ẹlẹ́ni rọra fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna. Iná gun dé -6. Inú ọ̀gá dùn, ó ní ó ti tó. Nígbà tí iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, tí ìyá onírárà dé orí oríkì, ara onílù gbóná, ó fi bíi désíbẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá le ju ti àyẹ̀wò lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: -6, ẹ fi 10 kún un, +4 nìyẹn. Ibi tí mo sọ pé kò sí yàrá lonílù ń gbé fún ogójì ìṣẹ́jú.

Mo bi í pé ṣé iná pupa kò tàn ni. Ó tàn o. Ó kàn jẹ́ pé ìgò ẹ̀pà ni ọ̀gá gbé síwájú rẹ̀. (Mo rí ìgò náà. Ẹ̀pà ti tán, èèpo ló kù.) Mo ní ṣé etí rẹ̀ náà kò gbọ́. Ó ní òun gbọ́ ariwo díẹ̀ nínú hẹ́dífóònù, lòun bá fa ìlù náà wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì rọlẹ̀.

Ibí yìí gan-an lẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti gbọ́dọ̀ la etí. Ohun tí a ń fà wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn tí ohùn ti wọlé tán ló ń ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni gèènì wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gé orí ìlù. Ìrẹsì tó ti jóná, bó o bù ú sínú abọ́ kékeré, àjóná kékeré ni. Ohun tí ọ̀gá ṣe nìyẹn: ó bu àjóná wẹ́wẹ́, ó gbádùn rẹ̀, ó sì kí onílù kú iṣẹ́.

Kí wá ló dé tó fi fẹ́ kí ohùn le tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ àgbà kan tó ń gba orin sórí kásẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ṣẹ́. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, tápù máa ń sọ “ṣííí” lábẹ́ orin, wọ́n sì ń gbé ohùn sókè kó lè bo ṣííí mọ́lẹ̀. Bí ó bá tiẹ̀ le jù díẹ̀, tápù máa ń rọra gbà á mọ́ra. Ẹ̀rọ bíìtì 24 tó ń lò báyìí kò ní irú ṣííí yẹn. Èèyàn lè fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lókè láìsí ewu. Ọgbọ́n àgbà ló mú dání lọ sílé tí àgbà náà kò kọ́.

Ó ní òun mọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tún orí tí wọ́n gé ṣe. Lóòótọ́ ni. Ó máa ń wo èjìká ohùn tó kù, á sì méfò bí orí rẹ̀ ṣe máa rí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójú mẹ́wàá ni, wọ́n lè má mọ̀. Bó bá jẹ́ gbogbo ìlù tí wọ́n lù ní ogójì ìṣẹ́jú, àfọ̀ṣẹ ló kù kó dá. Ó dán an wò níwájú mi. Gúgúrú di ẹ̀pà sísun.

A jókòó, a tún ímeèlì kọ. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kọ “ìṣòro tó kọjá agbára wa” ni mo ń gbá a lọ́wọ́. Ó ní tóun bá jẹ́wọ́, Àǹtí á gba owó rẹ̀ padà. Mo ní tó ò bá jẹ́wọ́, á gba owó rẹ̀ padà, á sì tún máa rò pé òpùrọ́ ni ọ́. Bó ṣe jáde nìyí:

“Àkọlé: Oríkì Màmá, 18 oṣù Kẹwàá: àṣìṣe wa àti ọjọ́ tuntun

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. Oríkì tí a gbà ní ọjọ́ 18 kò ṣeé lò. Ohùn ìyáàlù le ju bí mo ṣe to ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ sì gé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì ṣeé tún ṣe. Ẹ̀bi mi ni. Onílù àti onírárà kò ṣẹ̀. Mo fi ìṣẹ́jú kan rẹ̀ mọ́ ímeèlì yìí kí ẹ fetí ara yín gbọ́.

A ó tún un gbà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Èmi ni mo máa san owó àwọn onílù àti ti ìyá onírárà. Lọ́tẹ̀ yìí máìkì máa jìnnà sí awọ ìlù, màá sì fi désíbẹ́ẹ̀lì 16 dín gèènì kù, kí ibi tí ìlù bá le jù má kọjá -12.

Mo ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn: Sátidé 8 oṣù Kọkànlá tàbí Tọ́sìdeè 13, aago mẹ́wàá àárọ̀ níhìn-ín. Aago yín ti yí padà lópin oṣù tó kọjá, torí náà aago mẹ́sàn-án ni lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá mú ọ̀kan fún wa kó tó di ọjọ́rú, màá fi tó wọn létí lọ́jọ́ náà. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, iṣẹ́ máa dé ọwọ́ yín ṣáájú ọjọ́ 20.”

Ọ̀rọ̀ aago yẹn, èmi ni mo rán an létí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, aago Peckham àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni wọ́n fi wákàtí kan dá tiwọn padà sẹ́yìn, àwa kò sì dá tiwa padà rí. Àǹtí fẹ́ máa gbọ́ lórí Wáàtsáàpù bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ká ní “aago mẹ́wàá” lásán ni wọ́n kọ, ìgbà tó bá fi máa pè, onírárà ti ń mu omi.

Èsì dé kó tó di pé Ọ̀gá Sáúńdì parí ẹ̀bà rẹ̀. “Sátidé. Mo gbọ́ gúgúrú yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́, àmọ́ ẹ má tún jẹ nǹkan kan nídìí ẹ̀rọ.”

Nígbà tí Sátidé dé, mo lọ wo ìran. Ọ̀gá ní kí oníyáàlù lu èyí tó le jù lọ fún àyẹ̀wò. Onílù gbé kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀, ó ní ìlù tó le jù kì í jáde lófìfo. Ọ̀gá wojú mi, mo wo òrùlé. Ó fa ẹgbẹ̀rún kan náírà yọ, ó fi í sí i lọ́wọ́. Kò jẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí, torí òfin Báńkì Àpapọ̀ ọdún 2007 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa ná owó báyẹn. Onílù mú kọ̀ǹgọ́, iná gun dé -15. Ọ̀gá ní ṣé ibi tó le dé nìyẹn. Onílù ní ibi tí ẹgbẹ̀rún kan lè gbé e dé nìyẹn.